Ìlà Mẹ́ta Tó Ń Pinnu Owó Ìfẹ̀yìntì Yín

Òṣìṣẹ́ méjì lè máa gba iye owó oṣù kan náà ní Nàìjíríà, kí òfin kan náà sì de àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kí owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé fún ọ̀kan lóṣooṣù jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì. Ó lè jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ méjèèjì ló pa òfin mọ́. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni bí oníkálukú wọn ṣe pín owó náà sí ìlà-ìlà lórí pèsílíìpù. Ọ̀pọ̀ wa kì í ka ìlà wọ̀nyẹn. Bí áláàtì bá ti dún, iye tó wọ àkáǹtì la máa ń wò, a ó kùn díẹ̀ nípa ohun tí wọ́n yọ, a ó sì bá tiwa lọ títí di ìparí oṣù tó ń bọ̀.

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, èyí tó rọ́pò ti ọdún 2004. Nígbà ti 2004, ìdá 7.5 nínú 100 ni òṣìṣẹ́ ń dá, ìdá 7.5 náà sì ni agbanisíṣẹ́ ń dá lé e. Òfin ti 2014 gbé e sókè. Òṣìṣẹ́ ń dá 8, agbanisíṣẹ́ ń dá 10, ó kéré tán, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 18 nínú 100. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti tó 15 kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lè jọ fẹnu kò láti dá ju iye yìí lọ. Agbanisíṣẹ́ tó bá láàánú lójú sì lè sọ pé òun á dá nìkan gbé gbogbo rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ má san kọ́bọ̀. Bó bá yan èyí, ohun tó máa san kò gbọdọ̀ dín sí 20 nínú 100.

Gbogbo ènìyàn ló mọ 8 àti 10 yẹn. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn kì í bi ni pé ìdá 8 nínú kí ni? Òfin dáhùn pé nínú owó oṣù ni, ó sì túmọ̀ owó oṣù náà sí iye tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ bá kà sí owó oṣù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí àpapọ̀ ohun mẹ́ta: ojúlówó owó oṣù, tí wọ́n ń kọ "Basic" sí lórí pèsílíìpù, àjẹmọ́nú owó ilé, àti àjẹmọ́nú owó ọkọ̀. Òfin ti 2004 dúró sórí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí nìkan. Ti 2014 ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí àdéhùn lè ka owó mìíràn mọ́ ọn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dín, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ sì ń ṣe é bíi pé wọ́n ní kò gbọdọ̀ lé. Owó oúnjẹ, owó iná, owó aṣọ, owó fóònù, owó ìsinmi, ẹ̀bùn ìparí ọdún, gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò, òfin kò sì dá wọn lẹ́bi, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ pé kí wọ́n kà wọ́n mọ́ ọn.

Ohun mìíràn tí òfin kò sọ ni bí àwọn ìlà mẹ́ta yẹn ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó nínú gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Kò sí ibi tó ti ní kí ojúlówó owó oṣù jẹ́ ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta àpapọ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbogbo wà, ìṣirò nìkan ló sì lè fi hàn.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ká pè é ní Ṣadé. ₦250,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Lórí pèsílíìpù rẹ̀, ojúlówó owó oṣù jẹ́ ₦80,000, owó ilé jẹ́ ₦40,000, owó ọkọ̀ jẹ́ ₦30,000. ₦100,000 tó kù wà lábẹ́ oúnjẹ, iná àti àwọn àjẹmọ́nú mìíràn. Ẹni tó ń ṣírò owó oṣù ní ilé-iṣẹ́ náà á kọ́kọ́ ro ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, yóò sì rí ₦150,000. Ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦12,000, òun ni wọ́n máa yọ lára owó Ṣadé. Ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ ₦15,000, agbanisíṣẹ́ ló máa mú ìyẹn wá látinú àpò ara rẹ̀. Lóṣù kọ̀ọ̀kan, ₦27,000 ló ń wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí Ṣadé ṣí lórúkọ ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ₦15,000 ti agbanisíṣẹ́ kò kan ₦250,000 náà rárá. Kò sí nínú rẹ̀, wọn kò sì yọ ọ́ lára rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ sórí pèsílíìpù kí òṣìṣẹ́ lè rí i, àwọn mìíràn kì í kọ ọ́, èyí sì wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi gbàgbé pé ẹlòmíràn ń dá owó náà pẹ̀lú àwọn, tí wọ́n sì ń rò pé ₦12,000 wọn nìkan ló wà níbẹ̀.

Ǹjẹ́ ₦12,000 ni Ṣadé pàdánù nínú owó tó ń mú relé? Rárá, kò tó bẹ́ẹ̀. Owó orí ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó ṣírò owó orí òṣìṣẹ́, wọ́n ní láti kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kúrò, ìjọba kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, kò yí èyí padà. Ohun tó fagi lé ni ìdẹ̀rùn ńlá tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń jẹ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń ṣírò lórí àpapọ̀ owó ọdún wọn. Ó fi ìdẹ̀rùn owó ilé rọ́pò rẹ̀: ẹni tó ń san owó ilé lè yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tó san lọ́dún, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Lẹ́yìn náà, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kò ní owó orí kankan. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san 15 nínú 100, ohun tó bá lé ní ìyẹn sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ dé 25. Nítorí pé ìdẹ̀rùn ńlá àtijọ́ ti lọ, owó ìfẹ̀yìntì ti di ọ̀kan lára ìwọ̀nba ohun tó kù tó lè dín owó orí òṣìṣẹ́ kù.

₦250,000 lóṣù jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ́dún. Owó ìfẹ̀yìntì tí Ṣadé fúnra rẹ̀ dá jẹ́ ₦144,000 lọ́dún. Ká ní ₦600,000 ló ń san fún ilé tó ń gbé, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Bí wọ́n bá yọ méjèèjì kúrò, ó ku ₦2,736,000. Ẹ yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ó ku ₦1,936,000, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦290,400 lọ́dún, ìyẹn ₦24,200 lóṣù. Nínú ₦250,000, wọ́n yọ ₦12,000 fún ìfẹ̀yìntì àti ₦24,200 fún owó orí. ₦213,800 ló wọ àkáǹtì rẹ̀.

Bí wọn kò bá yọ owó ìfẹ̀yìntì rárá ńkọ́? Owó orí rẹ̀ á di ₦26,000 lóṣù, owó tó máa mú relé á sì jẹ́ ₦224,000. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ ₦10,200. Ìyẹn ni pé nínú ₦12,000 tó wọ ìfẹ̀yìntì, ₦10,200 péré ló jáde lọ́wọ́ Ṣadé. ₦1,800 tó kù, ìjọba ì bá ti gbà á. Fún ₦10,200 tí kò rí ná yẹn, ₦27,000 ló wà lórúkọ rẹ̀ níbòmíràn. Mi ò mọ ibi ìfowópamọ́ mìíràn tí òṣìṣẹ́ lè fi ₦10,200 sí lóòwúrọ̀ kó di ₦27,000 lọ́jọ́ náà gan-an.

Wàyí o, ẹ wo Kọ́lá. Òun náà ń gba ₦250,000 ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, ó ń san ₦600,000 owó ilé bíi ti Ṣadé. Ṣùgbọ́n nínú pèsílíìpù tirẹ̀, ojúlówó owó oṣù jẹ́ ₦40,000, owó ilé ₦20,000, owó ọkọ̀ ₦15,000. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦75,000. ₦175,000 tó kù ni wọ́n fọ́n ká sábẹ́ oúnjẹ, aṣọ, iná, fóònù, ìgbádùn, àti orúkọ kan tó máa ń wà níbẹ̀ ṣáá, "Other Allowances". Ìdá 8 ti Kọ́lá jẹ́ ₦6,000. Ìdá 10 ti agbanisíṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦7,500. Àpapọ̀ jẹ́ ₦13,500, ìdajì ti Ṣadé géérégé.

Kọ́lá ń rí owó púpọ̀ sí i lọ́wọ́. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦25,100 lóṣù, owó tó ń mú relé sì jẹ́ ₦218,900. Ó fi ₦5,100 ju Ṣadé lọ. Bí àwọn méjèèjì bá fi áláàtì wéra lábẹ́ igi níwájú báńkì, Kọ́lá ló máa rò pé ilé-iṣẹ́ òun dára jù. Ṣùgbọ́n ₦13,500 ni kò wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣù náà. Nínú ₦13,500 yìí, ₦6,000 ni tirẹ̀, ó sì ti rí ₦5,100 ná nínú ìyẹn lẹ́yìn tí owó orí mú tirẹ̀. ₦7,500 tó kù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbì kankan. Kò sí nínú owó tó ń mú relé, kò sí nínú owó ìfẹ̀yìntì. Àpò agbanisíṣẹ́ ló wà. Ní ọdún kan, ó jẹ́ ₦90,000. Ní ogún ọdún, láìtíì ka èrè tí owó náà ì bá máa pa sórí, ó jẹ́ ₦1,800,000 lórí ẹyọ òṣìṣẹ́ kan.

Ẹ lè sọ pé Kọ́lá lè máa fi ₦5,100 rẹ̀ pamọ́ fúnra rẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tilẹ̀ gbà á láyè láti fi owó kún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bó bá wù ú, yàtọ̀ sí èyí tó di dandan. Ṣùgbọ́n bó bá fi kún un títí, ₦7,500 ti agbanisíṣẹ́ kò ní tẹ̀ lé e, torí pé orí ₦75,000 ni ìṣirò tirẹ̀ dúró sí. Mo gbà pé ₦5,100 kì í ṣe owó tí ẹni tó ń san owó iléèwé ọmọ máa fojú kéré, àti pé owó tí a kò lè fọwọ́ kàn títí a ó fi pé 50 ọdún tàbí tí a ó fi fẹ̀yìn tì kì í dùn mọ́ ọ̀dọ́. Bíṣẹ́ bá tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé 50, ó gbọ́dọ̀ dúró oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ kó tó lè béèrè, kò sì lè gbà ju ìdá 25 nínú 100 ohun tó wà níbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, pípín owó bíi ti Kọ́lá kì í ṣe ojúure tí wọ́n ṣe fún un kó lè rówó ná. Agbanisíṣẹ́ jèrè níbẹ̀ ju òun lọ.

Ìdí tó fi ká ni lára ni pé ìlànà àtijọ́ ti lọ. Lábẹ́ ìlànà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò kí 2004 tó dé, owó oṣù tí ẹnì kan ń gbà nígbà tó ń fẹ̀yìn tì àti iye ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tí wọ́n máa san fún un. Lónìí, ohun tó bá wà nínú àkáǹtì yín, àti èrè tó pa, òun nìkan ni wọ́n máa pín fún yín lọ́jọ́ ogbó. Owó oṣù yín tó kẹ́yìn kọ́ ló máa sọ bí owó náà ṣe máa pọ̀ tó. Ọ̀gá tó gba ₦800,000 lóṣù tí ìlà mẹ́ta rẹ̀ kò ju ₦200,000 lọ máa fẹ̀yìn tì bí ẹni tó ń gba ₦200,000.

Ibòmíràn tí ìlà mẹ́ta yìí ti máa ń kéré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i ni ìgbà àfikún owó oṣù. Ká ní wọ́n fi ₦20,000 kún owó Ṣadé. Bí wọ́n bá fi ₦12,000 kún ìlà mẹ́ta náà, kí ìpín rẹ̀ lè dúró bó ṣe wà, owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé fún un á fi ₦2,160 lé sí i lóṣù. Bí wọ́n bá sọ gbogbo ₦20,000 náà sínú "Other Allowances", owó ìfẹ̀yìntì kò ní fi kọ́bọ̀ gòkè, owó tó máa mú relé á sì fi ₦816 péré ju ti ọ̀nà àkọ́kọ́ lọ. Ṣadé á dúpẹ́ fún àfikún, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, owó rẹ̀ ti di ₦310,000, ìlà mẹ́ta náà sì ṣì wà ní ₦150,000, kò tó ìdajì owó rẹ̀ mọ́. Mo ti rí pèsílíìpù tí ojúlówó owó oṣù inú rẹ̀ dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí àpapọ̀ ń gòkè, tí ẹni tó ni ín sì ń fi yangàn.

Ọgbọ́n kan tún wà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́. Wọ́n á sọ iye kan fún yín lẹ́nu, ẹ ó gbà, ẹ ó fayọ̀ lọ sílé. Nígbà tí ìwé dé, ẹ ó rí i pé ìdá 10 ti agbanisíṣẹ́ wà nínú iye náà. Bí wọ́n bá pe owó Ṣadé ní ₦250,000 "gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ná lórí rẹ", tí ₦15,000 ti agbanisíṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ₦235,000 ni owó oṣù rẹ̀ gan-an kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Lórí ìwé, agbanisíṣẹ́ ló dá a. Nínú ìdúnàádúrà, òṣìṣẹ́ ló fi owó oṣù tirẹ̀ dá a. Ilé-iṣẹ́ tó bá là á mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé kò tan yín jẹ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣírò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tó sọ ₦250,000 lẹ́nu tó sì dákẹ́ lórí ìyókù mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀nà láti yẹ ìṣirò náà wò kò le. Ẹ wá iye tí wọ́n yọ fún ìfẹ̀yìntì lórí pèsílíìpù, ẹ fi 12.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ ìlà mẹ́ta mu, ó kéré tán. ₦12,000 ní ọ̀nà 12.5 jẹ́ ₦150,000, ti Ṣadé pé. Bó bá jẹ́ ₦6,400 ni wọ́n yọ lọ́wọ́ rẹ̀, èsì á jẹ́ ₦80,000, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé orí ojúlówó owó oṣù nìkan ni wọ́n ṣírò rẹ̀ sí, wọ́n gbàgbé owó ilé àti owó ọkọ̀. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe owó oṣù fún gbogbo ènìyàn. Bó bá jẹ́ ₦11,250 ni wọ́n yọ, ìdá 7.5 ti òfin 2004 ni wọ́n ṣì ń lò. Bó bá sì jẹ́ ₦27,000 ni wọ́n yọ, wọ́n ti gbé ìdá 10 ti agbanisíṣẹ́ ka òṣìṣẹ́ lórí, òfin kò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Owó ilé ló máa ń da ìṣirò yìí rú jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í san án lóṣooṣù, wọ́n máa ń san ti ọdún kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí òṣìṣẹ́ lè fi san owó ilé rẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlà owó ilé á ṣófo lórí pèsílíìpù fún oṣù mọ́kànlá, ẹni tó ń ṣírò á sì fẹ́ fò ó. Kò yẹ kó fò ó. Bí Ṣadé bá gba ₦480,000 owó ilé lẹ́ẹ̀kan lóṣù kìn-ín-ní, ₦40,000 lóṣù ni owó náà ṣì jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ hàn nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí wọ́n bá fò ó, ₦86,400 ló máa sọnù nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́dún.

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ń yọ owó ìbánigbófò ẹ̀mí lára owó oṣù yín. Òfin yìí kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, èyí tí iye rẹ̀ kò ní dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún rẹ̀, kí àwọn ẹbí lè rí nǹkan gbà bó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló máa san ìyẹn. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kó wà lára ohun tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ yín.

Ìṣirò lè pé kí owó má dé ibi tó ń lọ. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé pèsílíìpù kò lè fi í hàn. Pèsílíìpù ń sọ pé wọ́n yọ owó, kò sọ pé wọ́n san án. Òfin fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn ọjọ́ tó san owó oṣù, kó fi ìdá 8 àti ìdá 10 ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń pa owó ìfẹ̀yìntì mọ́. Ilé-iṣẹ́ yẹn yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ṣí àkáǹtì sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ń pa owó mọ́, ẹnì kejì ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe, wọ́n sì dìídì yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá nìkan mú un. Agbanisíṣẹ́ tí kò bá san án lásìkò máa san owó ìtanràn tí kò ní dín sí ìdá 2 nínú 100 gbèsè náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi falẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ bí owó kò bá wọlé, bó bá ń wò ó. Nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, lẹ máa fi béèrè ìwé tó ń fi gbogbo owó tó wọlé hàn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ yàn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèsílíìpù. Fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí Ṣadé gba owó oṣù, ó gbọ́dọ̀ rí ₦27,000 níbẹ̀, ₦12,000 tirẹ̀ àti ₦15,000 ti agbanisíṣẹ́. Bó bá rí ₦12,000 nìkan, agbanisíṣẹ́ kò mú tirẹ̀ wá. Bí oṣù mẹ́ta bá ṣófo, kò yẹ kó máa rò pé wọ́n á san án pọ̀ lẹ́yìn ọ̀la, torí pé yàtọ̀ sí gbèsè náà fúnra rẹ̀, èrè tí owó náà ì bá ti pa ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, àjọ tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì lórílẹ̀-èdè, PenCom, lẹ máa fi ẹjọ́ náà sùn, òun ló ní agbára láti gba gbèsè àti owó ìtanràn lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín ni ẹ̀rí pé wọ́n yọ owó náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa pèsílíìpù rẹ́ kúrò nínú fóònù nítorí àtifàyè sílẹ̀, ẹ sì má ṣe gbára lé ímeèlì ilé-iṣẹ́, torí pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n máa ti í mọ́ yín. Ẹ fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ara yín lóṣooṣù.

Ẹni tó bá sì ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ tuntun, kó béèrè bí wọ́n ṣe máa pín owó náà sí ìlà-ìlà kó tó fọwọ́ síwèé. Lọ́jọ́ náà ni agbanisíṣẹ́ ṣì ń wá a, lọ́jọ́ náà ni yíyí ₦40,000 padà sí ₦80,000 lórí ìlà àkọ́kọ́ rọrùn jù lọ.